Ẹsẹ̀ Rọ́ Lẹ́yìn Ìṣubú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọjọ́ Àkọ́kọ́, Wíwú, àti Ìgbà Tí Ẹ́ksírè Bá Pọn Dandan

Àwọn ìbéèrè tó máa ń wá léraléra nípa ọrùn-ẹsẹ̀ tó rọ́ ni mo kó jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ tó bá rọ́?

Àwọn iṣan líle kan wà tó so eegun mọ́ eegun ní ọrùn-ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀, tàbí tó tẹ ihò láìmọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á yí sínú, gbogbo ìwúwo ara á sì bọ́ sórí iṣan apá ìta. Iṣan náà á nà kọjá agbára rẹ̀. Ó lè ya díẹ̀, ó lè ya dé ìdajì, ó sì lè já pátápátá. Èyí tó máa ń kọ́kọ́ fara gbá a ni iṣan kékeré tó wà níwájú kókósẹ̀ ìta, ìyẹn eegun tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn-ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó rọ́ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ̀ àti èyí tó kán. Bó bá yẹ̀, eegun ti kúrò láyè rẹ̀. Bó bá kán, eegun fúnra rẹ̀ ló ya. Bó bá rọ́, eegun wà níbi tó wà, ìdè rẹ̀ ló fara pa. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dunni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú báyìí ni. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ jókòó. Ẹ má fi agídí rìn ín kúrò. Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú mọ́ inú wọn, kí ẹ sì yọ òrùka tàbí ẹ̀gbà tó bá wà lẹ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í wé ẹsẹ̀ kejì: ṣé ó wọ́, ṣé ìka ẹsẹ̀ ń gbóná bí ti ìkejì, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án?

Bí ẹsẹ̀ bá tọ́, tí àwọ̀ ìka rẹ̀ sì dára, ẹ gbé e lé nǹkan sókè, ẹ fi nǹkan tútù sí i, kí ẹ sì fi báńdéèjì dì í. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, tí ìrora àkọ́kọ́ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ gbìyànjú láti dìde, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ẹ rántí èsì rẹ̀, nítorí ó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín.

Kí ló dé tó fi ń wú, ọjọ́ mélòó ló sì máa fi wú?

Ẹ̀jẹ̀ ń jò láti inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ya pẹ̀lú iṣan náà. Ara náà sì ń da omi síbẹ̀ kí àwọn èròjà tó ń tún ọgbẹ́ ṣe lè dé ibẹ̀. Wíwú díẹ̀ jẹ́ apá kan ìwòsàn. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà, nítorí omi tó pọ̀ nínú oríkèé máa ń mú un le, ó ń pọ̀ kún ìrora, ó sì ń jẹ́ kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ró dẹwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Wíwú náà máa ń ga jù lọ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kí ẹ tó bẹ̀rù pé ó ń pọ̀ sí i, ẹ fi okùn ìwọ̀n yí i ká lójú kan náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tìrọ̀lẹ́ sábà máa ń ju tàárọ̀ lọ, kò sí ewu nínú ìyẹn. Ẹ fi àárọ̀ wé àárọ̀.

Báwo ni kí n ṣe lo omi dídì?

Ẹ fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó tutù díẹ̀ wé e, kí ẹ gbé e lé ibi tó ń dùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e lé ara lásán, ẹ má sì sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí yìnyín máa ń jó awọ bí iná. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ, kò ní mọ̀ pé ó ń jó òun. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ìrora ni omi dídì ń mú rọlẹ̀ jù. Agbára rẹ̀ lórí wíwú kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí omi dídì, ẹ má dààmú: báńdéèjì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń di báńdéèjì kó lè dín wíwú kù lóòótọ́?

Báńdéèjì tó ń fà ni kí ẹ wá, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró ṣánṣán, bí ìgbà tí èèyàn wà lórí ìdúró, má ṣe jẹ́ kí ìka dojú kọlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àwọn ọmọ ìka, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá gbé e gba orí ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn ọrùn-ẹsẹ̀, kí ẹ dá a padà sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Ìyípo kọ̀ọ̀kan á bo ìdajì èyí tó ṣáájú. Ẹ má fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, torí omi máa kó jọ síbẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ ní nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ọrùn-ẹsẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ni kó le díẹ̀, kó máa dẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Bí òkè bá le ju ìsàlẹ̀, ńṣe lẹ há omi mọ́ ẹsẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ó sì dùn mí pé wọn kì í ṣe é. Kókósẹ̀ yọ síta, kòtò sì wà yí i ká lábẹ́. Inú kòtò yẹn gan-an ni omi ń kó sí. Bí ẹ bá di báńdéèjì lásán, orí kókósẹ̀ ló máa tẹ̀, á fo kòtò náà dá. Ẹ ká aṣọ rírọ̀ tàbí òwú tó nípọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìlàjì òrùka yí abẹ́ kókósẹ̀ ká, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ tó wá di báńdéèjì lé e. Ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ tẹ èékánná ìka ńlá kó funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí ìka bá tutù, tó dúdú, tó ń ta yín wínníwínní tàbí tó kú, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú u bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ tún un dì láàárọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ ga tó?

Kó ga ju àyà lọ. Ẹni tó jókòó sórí àga, tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kò tíì gbé e sókè tó, nítorí àpótí ṣì wà lábẹ́ ọkàn. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ to ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ láti orúnkún dé gìgísẹ̀.

Ṣé kí n fi omi gbóná jó o, tàbí kí ẹnì kan bá mi fa ẹsẹ̀ náà?

Rárá, fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ooru ń la òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dá jíjò á tún bẹ̀rẹ̀. Fífi ọwọ́ wọ́ ọ líle ń tún iṣan tó ya ya sí i. Ọtí náà kò dára lásìkò yìí, ó ń mú kí wíwú pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ṣe ohun tí kò yẹ.

Fífà ló burú jù. Ẹsẹ̀ tó rọ́ kò kúrò láyè, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fà padà. Bó bá sì jẹ́ pé ó kán, fífà lè mú kí eegun tó ya díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ tí ì bá fi bàtà ìtìlẹ́yìn jinná á wá di ti iṣẹ́ abẹ.

Oògùn wo ni mo lè lò?

Ẹ kọ́kọ́ lo parasitamọ́ọ̀lù. Fún àgbàlagbà, oníhóró mílígíráàmù 500 kan tàbí méjì, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kọjá kó tó kan òmíràn, kí gbogbo rẹ̀ má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ wo ara páálí oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, pàápàá ti òtútù, nítorí parasitamọ́ọ̀lù lè ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ná.

Jẹ́ẹ̀lì díkìlófẹ́nákì tí wọ́n ń fi pa ojú ibi tó ń dùn náà dára gan-an, nítorí díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fi rin ín, ẹ má sì fi í sójú ọgbẹ́. Ibuprófẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń gbé mì kò yẹ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, oyún, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ṣé kí n tẹ ẹsẹ̀ náà, àbí kí n sinmi títí tí yóò fi jinná?

Ẹ sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tí ìrora bá gbà yín láyè. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lórí ibùsùn máa ń sọ oríkèé di líle, ó sì ń jẹ́ kí iṣan rọ. Bí ẹ bá ń fi ọ̀pá rìn, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kí ẹ fi dì í mú.

Láti ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè, ẹ máa fa àtẹ́lẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín kí ẹ sì tún tì í síwájú, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ní ìgbà bíi mélòó kan lójúmọ́. Ìyẹn máa ń ti omi padà sókè. Ẹ má tíì yí i sínú, torí ìyẹn ló máa na iṣan ìta tó fara pa.

Ẹ̀jẹ̀ dúdú ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀ mi. Ṣé ó ti ń burú sí i ni?

Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ tó jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ ló ń wálẹ̀, bí omi ṣe ń wá ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ó lè hàn ní gìgísẹ̀ àti ní ìka, níbi tí ohunkóhun kò ti ṣe yín. Àwọ̀ rẹ̀ á di ti ewéko, á di pupa rúsúrúsú, á sì lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ gan-an ló dúdú, tí ìrora sì wà láàárín ẹsẹ̀, ẹ fi han dókítà, torí ó lè jẹ́ àwọn oríkèé àárín ẹsẹ̀ ló fara pa.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ́ksírè pọn dandan?

Kò tó èèyàn 15 nínú 100 tí wọ́n ń ya ẹ́ksírè ọrùn-ẹsẹ̀ fún tí eegun wọn kán. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ìlú Ottawa ní Kánádà fi gbé òfin kan jáde ní ọdún 1992, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń lò títí di òní. Ìka ọwọ́ àti ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ibi mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀. Èkíní ni etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ ìta, láti ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ sókè dé sẹ̀ǹtímítà 6. Èkejì ni etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú, bákan náà. Ẹ̀kẹta ni ìdí eegun gígùn tó lọ sí ìka kékeré, níbi tó yọ síta ní ìdajì ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, níwájú kókósẹ̀ inú. Bí eegun fúnra rẹ̀ bá dunni níbikíbi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ́ksírè yẹ. Bí ẹni náà kò bá sì lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin nígbà tó ṣubú, tí kò tún lè gbé e nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ́ksírè yẹ. Títiro kò bà á jẹ́: ẹni tó tiro ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin ti rìn.

Etí ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ̀ o. Iwájú kókósẹ̀ ìta ni iṣan tó rọ́ wà, á dùn bí ẹ bá tẹ ibẹ̀, ìrora yẹn kò sì sọ ohunkóhun nípa eegun. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn.

Ẹ lè fi àpẹẹrẹ kan hàn wá?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin ẹni ọdún 34 kan ṣi àtẹ̀gùn ìkẹyìn tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí sínú, ó gbọ́ tó dún "pọ̀", nígbà tó sì fi máa di wákàtí kan, ẹ̀gbẹ́ ìta ti wú tó ẹyin. Ó bẹ̀rù pé ó ti kán. Ṣùgbọ́n wíwú kò sí nínú òfin náà, bẹ́ẹ̀ ni dídún kò sí níbẹ̀. Wọ́n tẹ etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì, kò dùn ún. Wọ́n tẹ ìdí eegun ìka kékeré àti eegun ẹ̀gbẹ́ inú, kò dùn ún. Wọ́n tẹ iwájú kókósẹ̀ ìta, ó pariwo. Ó dìde, ó tiro ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Kò nílò ẹ́ksírè.

Ká ní pé ohun gbogbo rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ìdí eegun ìka kékeré ló mú un pariwo, ẹ́ksírè ẹsẹ̀ ni kó lọ yà lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ lè rìn. Iṣan kan so mọ́ eegun yẹn, ó sì lè fà á ya nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí.

Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìrora àti wíwú kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ bóyá iṣan ya tàbí ó já. Nígbà tó bá ti rọlẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè fa gìgísẹ̀ síwájú fẹ́ẹ́rẹ́ kó sì mọ̀. Bó bá já, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ló kàn: bàtà ìtìlẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àti eré ìdárayá ìdúró-lórí-ẹsẹ̀-kan ló ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ sàn.

Ta ni kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé òfin yìí?

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú nítorí àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn, torí eegun lè kán kó má dùn ún. Ẹni tó mutí yó. Ẹni tó tún fara pa níbòmíràn tí ìrora yẹn borí ti ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé ìka kò lè kan eegun. Ọmọdé náà, nítorí ibi tí eegun wọn ti ń dàgbà rọ̀, ó sì lè ya nígbà tí iṣan kò ṣe nǹkan kan. Kí dókítà yẹ àwọn yìí wò fúnra rẹ̀.

Aláboyún tí ẹ́ksírè bá tọ́ sí lè yà á. Ọrùn-ẹsẹ̀ jìnnà sí ilé ọmọ, ìtànṣán rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Kó ṣáà sọ fún ẹni tó fẹ́ ya á.

Ìgbà wo ni mi ò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la?

Bí ẹsẹ̀ bá wọ́, bí eegun bá la awọ jáde, bí ìka bá tutù, tó funfun tàbí tó kú. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i láìka oògùn sí, tí ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún sì le gbagidi. Bó bá jẹ́ pé òòyì tàbí dídákú ló fa ìṣubú náà, tàbí orí gbá ilẹ̀, ẹ lọ nítorí ìyẹn kí ẹ tó ronú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún bá wú, tó gbóná, tó sì ń dùn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú òpó. Bí mímí bá tún ń nira pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn.

Ẹ́ksírè ní eegun kò kán, síbẹ̀ mi ò lè tẹ ilẹ̀. Kí ló lè jẹ́?

Ẹ́ksírè kì í fi iṣan hàn. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n wá. Èkíní ni iṣan tó so eegun ojúgun méjèèjì pọ̀ lókè ọrùn-ẹsẹ̀. Ó máa ń fara pa bí ẹsẹ̀ bá yí síta, kì í wú púpọ̀, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ ga ju kókósẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fún àwọn eegun méjèèjì pọ̀ ní àárín ojúgun, ìsàlẹ̀ ló máa dùn. Ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, àwọn kan sì nílò iṣẹ́ abẹ.

Èkejì: ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Agbára tó yí ọrùn-ẹsẹ̀ lè gba ojúgun gòkè lọ fọ́ eegun tín-ín-rín níbẹ̀, ẹ́ksírè ọrùn-ẹsẹ̀ nìkan kò sì ní rí i. Bó bá dùn, kí wọ́n ya gbogbo ojúgun.

Ẹ̀kẹta ni iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí ẹ kò sì lè dúró lórí ṣóńṣó ìka, kí wọ́n dojú yín bolẹ̀, kí wọ́n fún ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà ti já, a kò sì gbọ́dọ̀ fi falẹ̀.

Ìgbà wo wá ni àwọn síkáànù yòókù wúlò?

Kì í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àyàfi bí dókítà bá fura sí ọ̀kan nínú mẹ́ta òkè yìí. Ọ́tírásáǹdì lè fi iṣan hàn bó ṣe ń mira, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Sítì síkáànù wà fún eegun tó fọ́ lọ́nà tó díjú, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ mọ bí àfọ́kù eegun kọ̀ọ̀kan ṣe wà.

Ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní ẹ́m-áà-áì, ló ń fi iṣan, kẹrẹkẹrẹ tó bo orí eegun, àti inú eegun hàn jù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bá kọjá, tí ẹ ti ń ṣe eré ìdárayá bó ṣe yẹ, tí ìrora sì ṣì wà ní ìsàlẹ̀ inú oríkèé, tàbí tí oríkèé ń há, tí ẹsẹ̀ ń ṣàdédé yí lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìgbà náà ni kí ẹ béèrè rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fara sin ni kẹrẹkẹrẹ tó ti ya lórí eegun tó wà láàárín ojúgun àti gìgísẹ̀, ẹ́ksírè ọjọ́ àkọ́kọ́ sì lè má rí i rárá.